Ó pa sáfà, owó kò dúró: àkọsílẹ̀ gbèsè kíláòdù akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Èkìtì

Ìkànnì kékeré kan tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ lọ́jà ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ló kọ ọ́ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń gbé ní Ìwòròkò. Àǹtí rẹ̀ ń ta gàrí ní Ọjà Ọba ní Adó, ó sì ní ojúlùmọ̀ kan ní Ìkẹ̀rẹ́ àti òmíràn ní Ọ̀yẹ́. Láràárọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi iye kóńgò gàrí, kóńgò ẹ̀wà, epo pupa, iṣu àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí Wáàsáàpù, òun á tẹ̀ ẹ́ sínú ìkànnì, ẹni tó fẹ́ rajà á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọkọ̀.

Ọjà mẹ́ta, oríṣi oúnjẹ méjìlá. Ìlà 36 ló ń wọ inú dátábéèsì lójúmọ́, kò sì lè ju nǹkan bí 13,000 lọ lọ́dún kan gbáko. Fóònù pálapàla lè gbé e láìmira. Àwọn tó ń kà á kò tíì tó igba. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, torí òun gan-an ló yẹ kó pinnu irú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì, tí ọmọ náà máa yá, ṣùgbọ́n kò wò ó rárá nígbà tó ń yan.

Fídíò kan ló wò. Ẹni tó ń kọ́ni nínú rẹ̀ ń fi hàn bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń to sáfà wọn lórí AWS, kíláòdù ti Amazon tó ń yá èèyàn ní kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọmọ náà sì tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ `t3.micro` kan sí apá inú tí ará ìta kò lè dé tààrà. Ó fi `NAT Gateway` sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ̀rọ náà lè máa jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì láti gba àwọn ohun èlò tuntun. Ó gbé `Load Balancer` síwájú, èyí tó máa ń gba àlejò tó sì máa ń pín wọn fún ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn. Ó wá yá dátábéèsì lọ́tọ̀ lórí RDS, apá tí AWS ti ń yáni ní dátábéèsì, `db.t3.micro` pẹ̀lú àyè 20 GB. Ètò náà dára lójú, àwòrán rẹ̀ sì máa wuyì nínú ìwé àṣekágbá. Èmi kò bá ẹni tó ṣe fídíò jà. Ohun tó ní òun fẹ́ kọ́ni ló kọ́ni. Kò kàn sọ iye tó ń jẹ.

Ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tí ọmọ náà kò kà sí. Àkáǹtì AWS tó lò, ọdún kìíní ló ti ṣí i fún kíláàsì kan. Oṣù méjìlá tí wọ́n fi ń fún àkáǹtì ìgbà náà ní àwọn nǹkan kéékèèké lọ́fẹ̀ẹ́ ti pé tipẹ́. Nítorí náà, láti wákàtí àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jẹ owó.

Kì í ṣe aláìbìkítà o. Ó mọ̀ pé kíláòdù lè jẹni lówó, ó sì gbé ìkìlọ̀ ìṣúná kalẹ̀ nínú `AWS Budgets`: $10 lóṣù, kí wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ bí owó tí wọ́n ti ná gan-an bá pé 100%. Ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ ló fi sí i. Káàdì dọ́là orí fóònù tó fi sanwó, $15 péré ló wà nínú rẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́ tán, $15 náà ló máa lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹfà

Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni ìkànnì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú àǹtí rẹ̀ dùn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pín in kiri.

Ọjọ́ 16, ìkìlọ̀ jáde lọ sínú ímeèlì ilé ẹ̀kọ́. Kò rí i. Ẹni tó bá mọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lo ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ìgbà tí owó ilé ìwé tàbí èsì ìdánwò bá délẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Ọjọ́ 19 ló tó kà á.

Ẹ̀rù bà á. Lójú ẹsẹ̀, ó wọlé, ó dá ẹ̀rọ `t3.micro` dúró, ó dá dátábéèsì náà dúró, ó yẹ̀ ẹ́ wò pé méjèèjì ti kọ `Stopped`, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó kọjú sí ìdánwò rẹ̀. Ìpinnu rẹ̀ ni pé òun á tún un tò nígbà tí ìdánwò bá parí.

Ọjọ́ 26, dátábéèsì náà dìde fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí RDS ṣe rí nìyẹn, ó sì wà nínú ìwé ìlànà wọn: ọjọ́ méje ni dátábéèsì tí a dá dúró lè fi dúró mọ, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ímeèlì ìṣúná kankan tó wá sọ fún un, torí àmì kan ṣoṣo ló gbé kalẹ̀, 100%, àmì kan sì máa ń dún lẹ́ẹ̀kan péré láàárín oṣù kan. Ó ti dún lọ́jọ́ 16. Ó di oṣù tó ń bọ̀.

Nígbà tí oṣù keje wọlé, ìwé owó dé: $46.43. Wọ́n gbìyànjú láti yọ ọ́ lórí káàdì, káàdì kọ̀, ímeèlì gbèsè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọjọ́ kẹrin oṣù náà ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní Adó.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa á o. Ẹ wò ó, `Stopped` ló kọ síbẹ̀. Owó kí ni wọ́n wá ń bi mí?"

Mo ní kó jókòó, kó ṣí `Cost Explorer`.

Ibi tí owó sá pamọ́ sí

Ó ti ṣí i tẹ́lẹ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀ ló túbọ̀ dojú rú fún un. `Cost Explorer` máa ń pín owó sí abẹ́ orúkọ iṣẹ́ bí a kò bá sọ fún un pé kó ṣe òmíràn. Ìlà tó ga jù níbẹ̀ ni `EC2-Other`. Ọmọ náà rí `EC2`, orúkọ tí AWS ń pe ẹ̀rọ tí wọ́n ń yáni, ó ní ẹ̀rọ tí òun ti dá dúró nìyẹn, ó parí èrò sí pé AWS ṣi ìṣirò ṣe. Bẹ́ẹ̀ `EC2-Other` kì í ṣe ẹ̀rọ rárá. Owó ẹ̀rọ ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Abẹ́ `EC2-Other` ni wọ́n ń kó `NAT Gateway` sí, pẹ̀lú dísíìkì àti àwọn nǹkan mìíràn tó yí ẹ̀rọ ká.

Mo ní kó yí `Group by` sí `Usage type`, kó sì fi `Granularity` sí `Daily`. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Àwọn ìlà náà yọ níkọ̀ọ̀kan, ọ̀pá ojoojúmọ́ ti èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì dúró gbọin-gbọin láti ọjọ́ 12. Ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá nìyẹn: ọ̀pá tó ga bákan náà lójoojúmọ́, yálà èèyàn wọ ìkànnì tàbí kò wọ̀ ọ́. Owó ìlò máa ń lọ sókè-sódò. Owó wíwà níbẹ̀ lásán kì í mira.

Ìṣirò rẹ̀ rèé, ní iye tí wọ́n ń gbà ní `us-east-1`, agbègbè AWS tó lò. `NatGateway-Hours` jẹ́ $0.045 ní wákàtí, ìyẹn $1.08 lójúmọ́. `LoadBalancerUsage` jẹ́ $0.0225 ní wákàtí, $0.54 lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ni `PublicIPv4:InUseAddress`, àdírẹ́ẹ̀sì IPv4, nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ẹ̀rọ, tí AWS ti ń gba $0.005 ní wákàtí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2024. Mẹ́ta ni tirẹ̀: ọ̀kan fún `NAT Gateway`, méjì fún `Load Balancer` tó dúró ní ibi méjì. Àpapọ̀ wọn $0.36 lójúmọ́. Dátábéèsì ń jẹ $0.43, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ $0.25, dísíìkì àwọn méjèèjì kò ju $0.10 lọ. Bí a bá ro ó pọ̀, $2.76 lójúmọ́. Pẹ̀lú ₦1,500 sí dọ́là kan tí a fi ṣírò, ₦4,140 lójúmọ́ nìyẹn, fún ìkànnì tí kò tó igba èèyàn ń kà.

Mo wá ní kó yọ ohun tó dá dúró kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ $0.25, dátábéèsì $0.43. Ohun tó ṣẹ́ kù: $2.08.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ti pa gbogbo ohun tó ń ṣe iṣẹ́ gidi, ìkànnì ti kú pátápátá, àǹtí rẹ̀ ti ń pè é pé kí ló dé, síbẹ̀ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó náà ṣì ń lọ. Bí ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Ọjà Ọba ló rí: ọjà kò tà, owó ilé ṣì ń lọ, torí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. `NAT Gateway` àti `Load Balancer` kò ní bọ́tìnnì ìdádúró. Wọ́n wà tàbí wọn kò sí.

A ṣe ìṣirò oṣù náà jáde láti fi dá ara wa lójú. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ ní $2.76 jẹ́ $19.32. Ọjọ́ méje tí ohun méjèèjì fi dúró, ní $2.08, jẹ́ $14.56. Láti ìgbà tí dátábéèsì jí títí tí oṣù fi parí, ọjọ́ márùn-ún ní $2.51, jẹ́ $12.55. Àpapọ̀ rẹ̀ $46.43, bí ìwé owó ṣe wí gẹ́lẹ́. Ká ní kò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan láti ọjọ́ 12, $52.44 ni ì bá jẹ́. Gbogbo eré tó sá lọ́jọ́ 19, $6 ló gbà là.

Kí ló dé tí ìkìlọ̀ kò gbà á là

Ó rọrùn láti sọ pé ímeèlì tí kì í ṣí ló fà á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n apá kan ni.

Ìkìlọ̀ ìṣúná kì í ṣe bíréèkì. Ó ń sọ̀rọ̀ ni, kì í dá nǹkan dúró. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ gan-an sì ti pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ ọ́, torí àkọsílẹ̀ owó AWS kì í wọlé ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ìwé ìlànà wọn sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ló lè pọ̀ tó, wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá sì ni láàárín ọ̀kan sí èkejì. Fún ẹni tó ń ná $2.76 lójúmọ́, ìdádúró yẹn kò burú, kò ju dọ́là kan àti díẹ̀ lọ. Fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè tó wá gbé ẹ̀rọ ńlá dìde, wákàtí méjìlá lè di ọ̀rọ̀ ẹkún.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni pé ìkìlọ̀ rẹ̀ ń wo oṣù. Ó ní $10 lóṣù ni òun fẹ́ ná, ó sì dúró di ìgbà tí $10 pé kó tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀, láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti hàn: ẹni tó fẹ́ ná $10 lóṣù ń ná nǹkan bí $0.33 lójúmọ́, òun ń ná $2.76. Àṣìṣe rẹ̀ ti fi ìlọ́po mẹ́jọ hàn lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wo ọjọ́.

Ó bi mí bóyá ìkìlọ̀ `Forecasted` kì bá ti gbà á là, èyí tó máa ń sọ pé bí o bá ń bá a lọ báyìí, ibi báyìí lo máa dé. Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n AWS nílò àkọsílẹ̀ ìnáwó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó lè ṣe àsọtẹ́lẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde kò ní in, ìgbà tí iṣẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni àṣìṣe pọ̀ jù.

Ní ti káàdì, $15 inú rẹ̀ kò dá ohunkóhun dúró. Òpin oṣù ni wọ́n ń fa owó. Kí òpin oṣù tó dé, gbèsè ti wà, káàdì tó kọ̀ kò sì pa gbèsè rẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ pé káàdì tí kò lówó nínú ni ààbò wọn. Kì í ṣe ààbò.

Bí a ṣe tú u ká

Owó kò dúró dè wá, nítorí náà títú ló ṣáájú àríyànjiyàn nípa ibi tí a máa kó lọ. Dátábéèsì ti jí fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a gbé ẹ̀rọ náà dìde díẹ̀, a fi `pg_dump` kó dátà jáde sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, a ṣí fáìlì náà wò pé iye gàrí oṣù kẹfà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà a pa dátábéèsì rẹ́, a pa ẹ̀rọ rẹ́ pẹ̀lú dísíìkì rẹ̀, a pa `Load Balancer` rẹ́, a wá kan `NAT Gateway`.

Ibẹ̀ ni ìkòtò kékeré kan wà. Bí a bá pa `NAT Gateway` rẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 tó ń lò kò bá a lọ. Ó máa jókòó síbẹ̀ láìní olówó, $0.005 ní wákàtí gẹ́gẹ́ bí tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lórí ìwé owó nìkan ló máa yí sí `PublicIPv4:IdleAddress`. A ní láti dá a padà lọ́tọ̀. Àṣẹ méjì yìí ni a fi yẹ̀ ẹ́ wò:

```
aws ec2 describe-nat-gateways --filter Name=state,Values=available
aws ec2 describe-addresses
```

Méjèèjì gbọ́dọ̀ padà wá lófìfo. Agbègbè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń wò lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà a tún wọn sọ fún agbègbè kejì tó ti fi ṣeré nígbà kan rí. Kò sí nǹkan níbẹ̀, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì tó ṣí `Cost Explorer`, ọ̀pá ojoojúmọ́ ti wó lulẹ̀. Gbèsè tó ti wà, ó san án.

Ibi tí a kó lọ

Ká ní tèmi nìkan ni, n kò ní yá sáfà kankan. Ìkànnì tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ sínú rẹ̀, tí àwọn yòókù kàn ń kà, lè jẹ́ ojú ìwé lásán lórí GitHub Pages, ọ̀fẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n olùdarí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ rí ibi ìwọlé tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kó sì rí dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn gba sáfà.

A wo ti Azure for Students: $100 fún oṣù méjìlá, wọn kì í béèrè káàdì, bí owó náà bá sì tán, iṣẹ́ á dúró ni dípò kó di gbèsè. Ohun tí mo máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú nìyẹn, bí ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá kọjá lọ́dọ̀ wọn. AWS náà ti yí tiwọn padà láti ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 2025: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì lè mú ètò ọ̀fẹ́, pẹ̀lú ẹ̀bùn owó tó lè tó $200, oṣù mẹ́fà tàbí ìgbà tí ẹ̀bùn bá tán, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọmọ yìí kì í ṣe oníbàárà tuntun, kò bá a mu. Ti Azure, ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kọjá.

Ohun tó mú ni Lightsail, ti AWS bákan náà, ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ jẹ́ iye kan ṣoṣo: $5 lóṣù. Ẹ̀rọ, dísíìkì 20 GB, àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 àti 1 TB dátà tó lè wọlé-jáde, gbogbo rẹ̀ wà nínú $5. Kò sí `NAT Gateway`, torí ẹ̀rọ náà ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Kò sí `Load Balancer`, torí kò sí ohun tí a fẹ́ pín.

Mẹ́móńrì rẹ̀ kéré, 512 MB, ibẹ̀ sì ni ìlà 13,000 yẹn ti wúlò. A fi PostgreSQL, irú dátábéèsì tó ti ń lò lórí RDS, sílẹ̀, a kó dátà sínú SQLite, fáìlì kan ṣoṣo tí kò nílò ètò mìíràn tí á máa jẹ mẹ́móńrì láti ẹ̀yìn. Ọmọ náà ń ṣàníyàn pé àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ òun wò á ní kì í ṣe dátábéèsì gidi. Mo ní bí wọ́n bá bi í, kó gbé ìṣirò ìlà ojoojúmọ́ síwájú wọn. Ìdáhùn tó dára ju àwòrán fídíò nìyẹn. Ẹ̀dà ìpamọ́ ń lọ pẹ̀lú àṣẹ kan lálaalẹ́, òun á sì fà á wá sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀:

```
sqlite3 oja.db ".backup oja-$(date +%F).db"
```

Bí ìkànnì náà bá lọ gbayì lọ́la, tí èèyàn bíi mélòó kan ń kọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, SQLite lè máa fa sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni kó tó ronú nípa òmíràn.

Ìkìlọ̀ tuntun

$5 lóṣù jẹ́ nǹkan bí $0.16 lójúmọ́. Nítorí náà a ṣe ìṣúná `Daily`, a sì fi í sí $0.40. Bí ó bá tún ṣèèṣì gbé `NAT Gateway` kan dìde, $1.08 rẹ̀ á fọ́ ìṣúná náà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ímeèlì á sì dé láàárín ọjọ́ kejì. A fi ti oṣù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, $6, pẹ̀lú àmì ní 50%, 90% àti 100%, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni á dún tí á sì dákẹ́. 50% máa ń dún ní nǹkan bí ọjọ́ 19 oṣù nígbà tí gbogbo nǹkan bá wà déédéé, ìyẹn sì dára: bí ó bá dún lọ́jọ́ kẹrin, nǹkan ti ṣe.

Ímeèlì mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ báyìí: èyí tó ń dún lórí fóònù rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìkòlé, àti tèmi.

Mo ní kó dán an wò. Ó fi ìṣúná ojoojúmọ́ sí $0.01, owó tó dájú pé á kọjá, ó sì dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fóònù rẹ̀ kò dún. Ímeèlì náà ti dé tèmi. Tirẹ̀ wà nínú àpò ìdọ̀tí ímeèlì, láàárín àwọn tó ń polówó tẹ́tẹ́. Ó fà á jáde, ó sàmì sí i pé kì í ṣe ìdọ̀tí, ó tún un dán wò, ó dún. Ká ní a kò dán an wò, ìkìlọ̀ kejì ì bá tún bọ́ sí ibi tí ti àkọ́kọ́ bọ́ sí. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, èyí ni mo rí i pé àwọn tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ máa ń fò jù: wọ́n á gbé ìkìlọ̀ kalẹ̀, wọn kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Fún àwọn tó bá ń ná ẹ̀bùn owó, ẹ yọ àmì kúrò lórí `Credits` nínú ètò ìṣúná náà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ̀bùn á máa pa owó rẹ́ nínú ìṣirò, ìkìlọ̀ á máa rí òdo, títí ọjọ́ tí ẹ̀bùn fi máa tán.

Bí ìkìlọ̀ kì í bá ṣe bíréèkì, ibo la ti máa rí bíréèkì? Níbi tí wọn kò ti ní jẹ́ kí nǹkan olówó gọbọi dìde rárá. Ọmọ náà kì í fi àkáǹtì `root`, èyí tó ní gbogbo àṣẹ, wọlé mọ́, torí òfin kò mú un. Ó ṣe orúkọ oníṣẹ́ kan fún ara rẹ̀ nínú `IAM`, ibi tí AWS ti ń pín àṣẹ fún oníṣẹ́, a sì so èyí mọ́ ọn lọ́rùn:

```json
{
  "Version": "2012-10-17",
  "Statement": [{
    "Effect": "Deny",
    "Action": [
      "ec2:CreateNatGateway",
      "elasticloadbalancing:CreateLoadBalancer",
      "rds:CreateDBInstance"
    ],
    "Resource": "*"
  }]
}
```

`Deny` borí àṣẹ yòówù tó lè ní tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tún tẹ̀ lé fídíò kan lóru, ẹ̀rọ á kọ̀ fún un kí owó tó bẹ̀rẹ̀. AWS ní ohun tí wọ́n ń pè ní `Budget actions` tó lè dá ẹ̀rọ dúró bí ìṣúná bá kọjá, ọmọ náà sì fẹ́ kí a lò ó. Mo ní kó wo ìṣirò $2.08 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹ̀rọ àti dátábéèsì ni ó lè dá dúró, ìyẹn ohun tí òun ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ 19. `NAT Gateway` kò ní í gbọ́.

Ìwé owó oṣù kẹjọ, tó jẹ́ oṣù àkọ́kọ́ tí Lightsail fi ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yà kúrò lórí $5.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mo kọ sínú ìwé fún un, fún ọjọ́ tó bá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹ̀rọ Lightsail tí a dá dúró ṣì ń jẹ owó, pípa á rẹ́ nìkan ló ń dá owó dúró, `Static IP`, àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà, tó bá sì so mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Kó fa fáìlì dátà wá sílé ṣáájú. Kó má pa ìṣúná rẹ́ pẹ̀lú wọn: kó fi í sílẹ̀ ní $0.01 títí ìwé owó oṣù tó tẹ̀ lé e á fi wọlé, torí owó oṣù tó kẹ́yìn, oṣù kejì ló ń dé.